Ewé Tó Ta sí Bàbá Ojú-Ọjọ́ Lára

Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi ìbímọ, ọmọbìnrin tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ rí mi. Kò kí mi kú ewu ọmọ. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀yin Ìyá Ìkókó, ó mà dára tí ẹ tètè dé o. Ìrọ̀lẹ́ òní ni Bàbá máa ṣe ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà."

Mo bi í pé Bàbá wo. Ó ní Bàbá Ojú-Ọjọ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ Bàbá Ojú-Ọjọ́ ní ìlú wa. Kí n tó dàgbà tó ẹni tí ń wo ìròyìn ni bàbá náà ti ń dúró níwájú máàpù nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa kékeré yìí, tó ń sọ ibi tí òjò máa rọ̀ sí àti ibi tí kò ní rọ̀. Nígbà mìíràn òjò a gbọ́ tirẹ̀, nígbà mìíràn a ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Àwọn èèyàn kì í bínú sí i. Irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó kún, ẹ̀rín sì máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ kódà nígbà tó bá ń kéde àgbàrá.

Èmi ni mo máa ń gbé e sínú máàpù yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, Bàbá kì í dúró níwájú máàpù kankan. Iwájú aṣọ aláwọ̀ ewé ló ń dúró sí. Ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní kíyà ló ń ṣa gbogbo ohun tó bá ní àwọ̀ ewé yẹn kúrò nínú àwòrán, bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, tó sì ń fi máàpù rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti rí i pé òkúta nìkan ló ṣà, kó má ṣa ìrẹsì mọ́ ọn.

Ẹ lè bi mí pé ṣé n kò wo tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ìgbà tí mo wà nílé ni. Mo wò ó. Ilé ìyá mi ni mo ti lọ sinmi, tẹlifíṣọ̀n ìyá mi sì ti dàgbà ju èmi lọ. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe àwọ̀ ewé níbẹ̀, àti olórin àti oníwàásù, irun àti etí wọn kì í sì hàn kedere. Nígbà tí Bàbá náà wá ń ṣe àwọ̀ ewé, mo rò pé ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Mo sáré gòkè lọ síbi tí wọ́n ti ń kun àwọn èèyàn lójú. Ẹni tó ti rù kan egungun ni mo ń retí. Ọkùnrin kan tó sanra, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, tí irun rẹ̀ kún bí ó ti ń kún láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ni mo bá lórí àga.

"Bàbá! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ara yín ò yá?"

"Ọmọ mi, ẹ kú ewu ọmọ. Ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Obìnrin ni sà. Bàbá, ara yín ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ara ò sí níbẹ̀ mọ́, Ìyá Ìkókó. Mo ti ń lọ."

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Kété tí mo lọ ni wọ́n kó yàrá wa kúrò nísàlẹ̀ lọ sí yàrá kékeré kan lókè, nítorí wọ́n fẹ́ fi yàrá ńlá ṣe ibi eré àwọn ọmọdé. Kò pẹ́ tí wọ́n kó lọ ni àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé iṣẹ́. Wọ́n ní kí ló ń ṣe Bàbá, ojú rẹ̀ ti ń ṣe àwọ̀ ewé. Nígbà tó yá, wọ́n ní irun rẹ̀ ń já. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní èjìká rẹ̀ ti ń rù. Àwọn mìíràn fi oògùn ránṣẹ́ nínú ìgò. Bàbá wo ara rẹ̀ nínú dígí nílé, kò rí nǹkan kan. Ó wá wo ìran ara rẹ̀ nílé iṣẹ́, ó rí i pé òótọ́ ni, òun ti ń kú. Ó lọ bá dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é.

"Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀pa ò bóró mọ́," ni Bàbá wí. "Àìsàn tí dókítà bá rí, wọn a tọ́jú ẹ̀. Èyí tí kò rí ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, aránṣọ ni. Nígbà tó gbọ́ pé ọkọ òun ń rù lórí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ìkòkò kaná, kò sì tíì gbé e kalẹ̀ dòní. Bàbá ń jẹun àárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ara rẹ̀ ń sanra nílé, ó sì ń rù níbi iṣẹ́. Èmi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

"Mo ti tún ilé mi ṣe," ni Bàbá tún fi ohùn wẹ́lẹ́ sọ. "Mo ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ẹyẹ fún ìyàwó mi lánàá."

Ẹyẹ wo? Odídẹ ni. Ó pẹ́ tí ó ti ṣẹlẹ̀. Màmá ní odídẹ kan tó fẹ́ràn bí ọmọ. Bí Bàbá bá dúró ní pálọ̀ láàárọ̀, tó ń fi ohun tó máa sọ dánra wò pé "Ọ̀la kò ní sí òjò," odídẹ á dáhùn láti inú àgò, pẹ̀lú ohùn Màmá gan-an, pé "Irọ́ ni!" Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá ṣí àgò. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ìjì ló ṣí i. Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń gbé oúnjẹ sójú fèrèsé ní àràárọ̀, tó ń pe ẹyẹ lórúkọ.

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tí ẹ jẹ́wọ́?"

"Ó sunkún. Ó wá ní òun ti foríjì mí, pé a kì í bá ẹni tó ń lọ jà." Bàbá nu ojú rẹ̀. "Èèyàn rere ni."

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Ọ̀gá wa wọlé. Ọ̀gá jẹ́ ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ka ìròyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ló ń béèrè. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Ìkókó, káàbọ̀. Ìrọ̀lẹ́ yìí, bí Bàbá bá ti parí ojú ọjọ́, èmi fúnra mi máa wọlé, màá fún un ní àwo ìdágbére tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, màá sì sọ fáwọn èèyàn pé ó ń lọ sinmi. A ò lè jẹ́ kó kú sórí afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọdé ń wò wá."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti wo Bàbá lójúkojú? Ọkùnrin yìí sanra!"

"Ó ń wú ni," ni Ọ̀gá wí. "Ìyẹn gan-an ló burú jù."

Nígbà tí ó lọ, mo wo Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo rí i bó ṣe jókòó, tó ń fi ọwọ́ ra aṣọ itan rẹ̀. Bí wọ́n bá gba máàpù yẹn lọ́wọ́ bàbá yìí, kí ló kù tó máa jí fún láàárọ̀? Ìyẹn ló dùn mí. Mo ní kó dìde, kó jẹ́ ká lọ síwájú kámẹ́rà.

Yàrá tuntun náà, bí ẹ bá nà síbẹ̀, orí kan ògiri, ẹsẹ̀ kan ìkejì. Wọ́n ta aṣọ ewé mọ́ ògiri, wọ́n sì tún tẹ́ ẹ wá sílẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Bàbá kò ní ibòmíràn láti dúró ju kí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ. Iná ńlá kan ṣoṣo ló wà ní apá ọ̀tún, ó kọjú sí aṣọ àti Bàbá pọ̀. Apá ọ̀tún aṣọ náà ń tàn yanran, apá òsì dúdú, òjìji Bàbá sì wà láàárín. Aṣọ ọ̀hún rún bí èyí tí èèyàn sùn lé lórí.

Mo tan móńítọ̀ tí ń fi ohun tó ń jáde sórí tẹlifíṣọ̀n hàn wá. Mo pariwo.

Ẹni tó wà níwájú máàpù yẹn, bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú títì, màá sáré. Ìdajì irun orí kò sí mọ́, òkun ló wà níbi tó yẹ kí etí kan wà, ìkùukùu ń gba orí èjìká kọjá. Ojú rẹ̀ sì ń ṣe àwọ̀ àlùkò.

Ẹni tó ń di ipò mi mú nígbà tí n kò sí ni ẹ̀gbọ́n kan tí à ń pè ní Ó-Ti-Parí, nítorí kò sí iṣẹ́ tí o gbé fún un tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ohùn gbà sílẹ̀ dáadáa ni. Wọ́n kàn tì í sídìí kíyà ni, ibẹ̀ náà ni mo sì bá a.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe fún bàbá yìí?"

"Mo tọ́jú ẹ̀ ni o! Aṣọ yẹn kì í lọ tán. Apá òsì máa ń kù bí ìdọ̀tí lórí máàpù. Mo bá yí bọ́tìnì kó lè jẹ gbogbo ewé. Ó jẹ ẹ́, ó ti parí. Wọ́n wá ní ojú Bàbá ń ṣe ewé, mo yí bọ́tìnì kejì kó fa ewé kúrò lójú ẹ̀. Ewé lọ."

"Ewé lọ, àlùkò dé."

"Wọn ò pe wá torí àlùkò," ló wí.

Kí n má purọ́, èmi náà kọ́kọ́ sáré sídìí bọ́tìnì. Ojú ń kán mi. Mo yí èyí tí ń jẹ ewé wálẹ̀, irun Bàbá yọ padà, ṣùgbọ́n gbogbo apá òsì aṣọ náà àti ibi tó ti rún yọ padà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n dúró sórí máàpù bí ẹni da ẹrẹ̀ sí i. Mo yí i sókè, ẹrẹ̀ lọ, Bàbá náà tẹ̀lé e. Mo yí i wálẹ̀, mo yí i sókè. Bàbá ń wo ara rẹ̀ nínú móńítọ̀ bó ti ń wá tó sì ń lọ.

"Ìyá Ìkókó," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé bó ṣe máa rí nìyẹn tí mo bá dé ọ̀run?"

Ìgbà náà ni mo rántí amúkùn-ún tí wọ́n ní ẹrù rẹ̀ wọ́, tó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Bọ́tìnì kọ́ ni. Kíyà kò mọ ohun tó ń jẹ́ aṣọ, kò mọ ohun tó ń jẹ́ Bàbá, àwọ̀ nìkan ló mọ̀. Nígbà tí aṣọ kan bá ní ewé títàn, ewé dúdú àti ewé rírún, oríṣi ewé mẹ́ta la ní kó jẹ, ó sì ní láti la ẹnu gbàgà kó tó lè jẹ wọ́n tán. Ẹni tó bá la ẹnu báyẹn, kò ní mọ ìgbà tó máa bu ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jẹ. Bàbá náà sì súnmọ́ aṣọ jù. Iná tó bá aṣọ ń ta padà sí i lára, irun funfun ló sì ń gba ohun tí wọ́n bá ta sí i ju gbogbo nǹkan lọ. Irun ti di ewé, kíyà ti rí ewé, ó ti jẹ ẹ́. Iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́ ló jẹ́.

"Bàbá," ni mo wí, "kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín. Ewé ló ta sí yín lára."

Ó wò mí tàánútàánú. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́.

Mo ní ká bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ ká aṣọ ewé tó wà nílẹ̀, nítorí ìgbànú Bàbá ni kámẹ́rà ń rí mọ, kí la fẹ́ fi ewé ṣe lẹ́sẹ̀? Gbogbo ohun tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń ta àwọ̀ sí i ní àgbọ̀n láti ìsàlẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ dúdú dípò rẹ̀. Ó-Ti-Parí mú áyọ́ọ̀nù, ó lọ aṣọ tó wà lára ògiri, mo ní kó fà á kó le, ká fi ìdè dì í yí ká. Mo wá òpó iná méjì, mo gbé ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí apá òsì, mo ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò wọ́n lójú kí iná wọn lè rọ̀, mo sì kọ ojú wọn sí aṣọ nìkan. N kò jẹ́ kí wọ́n tàn jù, nítorí bí aṣọ bá ti tàn tó ló ṣe ń ta tó.

Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ìlà hàn wá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó láti òsì dé ọ̀tún. Ìlà aṣọ wa tẹ́lẹ̀ dà bí òkè àti àfonífojì. Mo ń sún òpó iná díẹ̀díẹ̀, mo ń wò ó, títí ìlà náà fi nà tín-ín-rín bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Inú mi dùn débi pé mo pe Ó-Ti-Parí kó wá wò ó. Ó wò ó. Ó ní, "Ó ti parí."

Kò tíì parí. Ó kù kí Bàbá kúrò lẹ́bàá aṣọ, kò sì sí ibi tó máa kúrò lọ. Bó bá sún síwájú, ó máa fi imú kan kámẹ́rà. Mo dúró láàárín yàrá náà, mo ń yí ká bí ajá tó fẹ́ sùn. Ibẹ̀ ni ojú mi ti bọ́ sí ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan wà níta, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé kámẹ́rà jáde."

"Síbo?"

"Síta."

A gbé kámẹ́rà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo inú yàrá láti ẹnu ọ̀nà, a sì fi ojú rẹ̀ tó ń fa nǹkan jíjìn súnmọ́ fa Bàbá mọ́ra. Bàbá wá síwájú títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀nà tó jìn wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ àti aṣọ. Mo fún un ní iná tirẹ̀ láti iwájú, mo sì gbé kékeré kan sókè lẹ́yìn rẹ̀ kí irun rẹ̀ lè ní ìmọ́lẹ̀ funfun tirẹ̀. Wàhálà kan ló kù: ẹsẹ̀ kámẹ́rà kan dí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó jẹ́ pé ìta ló ń ṣí sí. A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ kí a lè máa gbé kámẹ́rà kúrò bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé, ká sì dá a padà síbi tó wà.

Bí aago ìròyìn ṣe ń súnmọ́ ni Màmá dé. Ó ti rán súùtù tuntun fún ọkọ rẹ̀, kó lè dágbére fáyé bí ọmọlúwàbí. Aṣọ eérú tó ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun ni. Mo rí i, mo di orí mú.

"Màmá, aṣọ yìí dára o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má wọ̀ ọ́."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń dán. Bí omi ló rí, gbogbo ewé tó bá wà láyìíká ló máa gbà."

"Ìyá Ìkókó, mo ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Èmi ni o fẹ́ sọ fún pé aṣọ mi ń gba ewé?"

Àgbà ti sọ̀rọ̀, mo gbé súùtù náà fún Bàbá. Bàbá wọ̀ ọ́. Mo ní kí Màmá wo móńítọ̀ fúnra rẹ̀. Ojú mọ́ rekete, irun kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá wá yí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ láti nàka sí àríwá, ẹ̀gbẹ́ súùtù náà gba ewé láti ara aṣọ, ìkùukùu kan sì gba ìhà rẹ̀ kọjá lọ sí gúúsù.

"Ẹ bọ́ ọ!" ni Màmá ké. "Ẹ bọ́ ọ kíá!"

Màmá sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí Bàbá wọ̀ wá lápá rẹ̀, ó lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ẹnu ọ̀nà, kó lè rí ohun tí gbogbo ayé máa rí. Bàbá dúró pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ìròyìn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgbà yẹn ni mo rí kóòtù dúdú kan tí wọ́n fi kọ́ ìṣó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò dán rárá. N kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ni ín. Mo wọ̀ ọ́ fún Bàbá, mo de bọ́tìnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Ó-Ti-Parí sáré dá kámẹ́rà padà sórí àmì ṣọ́ọ̀kì, ó na àtàǹpàkò sí mi. A wọ orí afẹ́fẹ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi," ni Bàbá bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo móńítọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tó ti máa ń rí máàpù. Ó rí ara rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi kan irun rẹ̀, irun sì wà níbẹ̀ lórí móńítọ̀, fọ́nrán fọ́nrán, funfun báláú lójú òkun. Ó fọwọ́ kan etí. Etí wà níbẹ̀. Ó kọjú padà sí kámẹ́rà.

"Ọjọ́... ọjọ́ ti mọ́," ló wí. Omi bọ́ lójú mi sórí bọ́tìnì.

Ó wá ń lọ wẹ́rẹ́. Ó ti sọ ti ìlà oòrùn, ó ti dé àríwá, ó sì ń sọ pé kò ní sí ìjì kankan, nígbà tí nǹkan dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: gbì! Ó tún dún: gbì! gbì! Ẹnìkan ń lu ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti inú, ẹsẹ̀ kámẹ́rà sì dí i pinpin.

Mo wo kóòtù tó wà lọ́rùn Bàbá. Mo wo ìṣó tó ṣófo. Ọ̀gá ni. Ó ti ní kí Ó-Ti-Parí gbé kámẹ́rà kúrò fún òun kí òun tó lọ dágbére fún Bàbá, ó fi kóòtù kọ́ ìṣó, ó wọlé, ẹni yẹn sì dá kámẹ́rà padà láìwo bóyá ó ti jáde. Bí a bá gbé kámẹ́rà kúrò báyìí, ojú ọjọ́ tán. Ó-Ti-Parí wò mí, mo mi orí. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Gbì! gbì! gbì! Makirofóònù Bàbá gbé e lọ sí gbogbo ilé. Àgbà ni Bàbá, iṣẹ́ yìí sì ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìka sókè, ó tẹ́tí.

"Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà," ló wí. "Ààrá ti ń sán níbì kan. Ẹ kó aṣọ yín wọlé."

Kí a tó kúrò lórí afẹ́fẹ́ ni fóònù ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà gbé e, ó gbé òmíràn, kò sì tán. Wọ́n ní Bàbá ti gbádùn. Wọ́n ní irun rẹ̀ ti hù padà. Obìnrin kan ní oògùn inú ìgò òun ló ṣe é, kí wọ́n má gbàgbé láti dá ìgò padà.

Nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn fún Ọ̀gá, ó jáde pẹ̀lú àwo ìdágbére lábẹ́ apá, ó ń làágùn. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ èmi náà. Ó la ẹnu, fóònù ọwọ́ rẹ̀ dún, ọ̀gá tirẹ̀ ló ń pè. Ó gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni sà" léraléra. Ó wá wo Bàbá, ó wo móńítọ̀ tí a fi ìran náà hàn án padà.

"Mo ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìsinmi díẹ̀ ló ń fẹ́," ló wí. Ó kọjú àwo náà sí àyà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má lè ka ohun tó wà lára rẹ̀. "Bàbá, ọ̀la, bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ bá mi bọ́ kóòtù mi."

Bàbá bọ́ ọ, ó jókòó. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Nítorí náà, n kò ní kú?"

"Ẹ máa kú o, Bàbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ewé."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ìsọmọlórúkọ lọ, ẹ má sọ fún ọkọ mi. Màmá ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó ń kọrin. Ó gbá ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó fọwọ́ fa irun rẹ̀ wò, ó gbá èmi náà mọ́ra, ó sì ṣàdúrà fún Ó-Ti-Parí tí kò ṣe nǹkan kan tán rí. Lẹ́yìn náà orin rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí i bí nǹkan ṣe wá sí i lọ́kàn.

"Bàbá."

"Ìyàwó mi."

"Ìjì wo ló ṣí àgò ẹyẹ mi?"

Bàbá ní, "Ṣebí o ní o ti foríjì mí."

"Ẹni tó ń kú ni mo foríjì," ni Màmá wí. "Ẹ̀yin ò kú. Mo ń dúró dè yín nísàlẹ̀."

A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bàbá wo ilẹ̀kùn, ó wo aṣọ ewé lára ògiri, ó wá sún àga rẹ̀ mọ́ mi.

"Ìyá Ìkókó," ló fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ, "ewé yẹn, ṣé kò ṣẹ́kù díẹ̀ tí o lè ta padà sí mi lójú? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan péré. Títí inú rẹ̀ á fi rọ̀."

Mo ní, "Bàbá, orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń ṣiṣẹ́."

Ó dìde, ó fa súùtù dídán náà wọ̀ nítorí ìyẹn nìkan ni aṣọ tó kù lókè tó lè wọ̀ relé. Ó dúró lójú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ojú ọ̀run mọ́, ìkùukùu kan kò sí níbẹ̀.

"Ìjì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí," ló wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyàwó rẹ̀.